Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: yíyọ àmì ibi tí a ti ya fọ́tò kúrò lára fọ́tò ọjà Àǹtí mi, àti ìwọ̀n kámẹ́rà tí kò jẹ́ kí fóònù wọn kún mọ́

Iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ àlejò kan tí kò yẹ kí ó mọ ọ̀nà ilé. Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ń ta léèsì, aṣọ òkè àti gèlé láti inú ilé wọn ní Àkóbọ̀, níhìn-ín ní Ìbàdàn. Wọn kò ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n máa ń ra ọjà ní Gbági, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí àga gígùn inú pálọ̀, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà lórí Wọ́tsáàpù. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á yóò pàdé wọn ní Ìwó Ródù, tàbí kí wọ́n fún ọlọ́kadà gbé e lọ. Wọn kì í sọ àdírẹ́sì ilé fún oníbàárà kankan, nítorí pé àwọn nìkan ni wọ́n máa ń wà nílé lọ́sàn-án. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, ọkùnrin kan tí ó ti béèrè iye léèsì lọ́wọ́ wọn rí kan géètì, ó ní òun wá fi ojú ara òun wo ọjà. Nígbà tí wọ́n bi í pé ta ni ó júwe ilé fún un, ó ní, "Ẹ má bínú mà, fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ni mo tẹ̀ lé."

Ọkùnrin náà kò ní èrò ibi lọ́kàn, ó tilẹ̀ ra yáàdì márùn-ún, ṣùgbọ́n ọkàn Àǹtí mi kò balẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Wọ́n pè mí ní òwúrọ̀ kùtù, wọ́n ní, "Ìwọ tí o mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, wá bá mi wo fóònù yìí o. Bí kò bá tú àṣírí mi, á máa sọ fún mi pé òun ti yó." Ohun tí wọ́n ń pè ní yíyó ni ìkìlọ̀ pé àyè ti tán lórí fóònù, èyí tí ó ti ń jáde lójoojúmọ́ fún bí oṣù kan. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n rò fún mi. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́ ni mo ti rí i pé orísun kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, òwúrọ̀

Mo fi wáyà so fóònù náà mọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, tí ó ń lo Ubuntu, mo sì da fọ́tò léèsì tí ọkùnrin náà gbà kọ sínú rẹ̀. Irinṣẹ́ tí mo lò fún àyẹ̀wò ni exiftool. Phil Harvey ni ó kọ ọ́, ọ̀fẹ́ ni, àṣẹ kan ṣoṣo ni a sì fi ń gbé e sórí Ubuntu:

```
sudo apt install libimage-exiftool-perl
```

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tí mo ń wá. Fọ́tò tí fóònù bá yà ní apá méjì nínú fáìlì kan ṣoṣo. Apá kìn-ín-ní ni àwòrán tí ojú ń rí. Apá kejì ni àkọsílẹ̀ kékeré tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ kọ sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí a tẹ bọ́tìnnì: ọjọ́ àti wákàtí, orúkọ fóònù, bí a ṣe gbé fóònù dúró tàbí dà á dùbúlẹ̀, ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀, àti ibi gan-an tí a dúró sí lórí ilẹ̀ ayé bí ètò rẹ̀ bá wà ní títàn. Àkọsílẹ̀ yìí ni ó ń jẹ́ EXIF. Ó dà bí ìwé tí awakọ̀ kì bọ àpò ẹrù: ẹni tí ó gba àpò náà lè má mọ̀ pé ìwé wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tú u yóò kà á láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò nílò ọgbọ́n àwọn ọ̀dáràn rárá. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù òde òní, bí a bá ṣí fọ́tò náà tí a sì fa ojú rẹ̀ sókè, máàpù yóò jáde nísàlẹ̀ pẹ̀lú àmì kan lórí ibi tí a ti yà á. Ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe kò ju èyí lọ.

Ohun tí exiftool fi hàn mí nìyí:

```
$ exiftool "-gps*" leesi_alawo_ewe.jpg
GPS Latitude Ref       : North
GPS Longitude Ref      : East
GPS Latitude           : 7 deg 26' XX.XX" N
GPS Longitude          : 3 deg 57' XX.XX" E
```

Èmi ni mo fi XX bo ìṣẹ́jú-àáyá, nítorí pé yóò jẹ́ ohun ẹ̀rín bí àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí a ṣe láti bo ilé kan bá tún lọ fi ilé náà hàn. Ibi tí mo bò yẹn gan-an ni ewu wà. Ìṣẹ́jú kan lórí ìlà tí ó ń lọ láti gúúsù sí àríwá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 1.85, nítorí náà ẹni tí ó bá rí dígírì àti ìṣẹ́jú nìkan yóò kàn mọ̀ pé apá Àkóbọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú-àáyá kan kò ju bíi mítà 31 lọ, fóònù sì tún ń kọ ìdá rẹ̀ sílẹ̀. Ní gbangba, níbi tí kò sí ohun tí ó dí ojú ọ̀run, fóònù lè mọ ibi tí ó wà pẹ̀lú àṣìṣe mítà díẹ̀, èyí tí ó tó láti ya géètì kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Nínú pálọ̀, lábẹ́ òrùlé, GPS kì í mú dáadáa bẹ́ẹ̀, fóònù a sì máa fi àwọn Wáífáì tí ó wà nítòsí àti òpó nẹ́tíwọọ̀kì gbé ìṣirò rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn fọ́tò kan lára ti Àǹtí mi fi tọ́ka sí ilé aládùúgbò tàbí sí ojú títì. Kò yẹ kí èyí fi ẹnikẹ́ni lọ́kàn balẹ̀: bí fọ́tò ogójì bá ti inú ilé kan jáde, tí wọ́n sì rọ̀gbà yí ojú kan ká lórí máàpù, ilé tí ó wà ní àárín wọn ni ilé náà.

Ìbéèrè tí ó kàn ni bí àkọsílẹ̀ náà ṣe dé ọwọ́ oníbàárà, nítorí ohun tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé Wọ́tsáàpù máa ń yọ ọ́ kúrò. Mo gba fóònù lọ́wọ́ Àǹtí mi, mo sì fi fọ́tò kan náà ránṣẹ́ sí fóònù tèmi ní ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni kí n fi í ránṣẹ́ bí fọ́tò lásán, ọ̀nà kejì ni kí n tẹ àmì HD kí n tó fi í ránṣẹ́, ọ̀nà kẹta sì ni kí n mú un láti inú "Document", bí ìgbà tí a bá ń fi ìwé ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà, mo da àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo gbà kọ sínú kọ̀ǹpútà, mo sì yẹ̀ wọ́n wò. Nínú méjì àkọ́kọ́, kò sí àmì ibi kankan. Wọ́tsáàpù ti tún àwòrán náà ṣe, ó ti dín in kù, ó sì ti da àkọsílẹ̀ rẹ̀ nù. Nínú ẹ̀kẹta, ohun gbogbo wà bí ó ṣe wà lórí fóònù Àǹtí mi, láti orí mẹ́gábáìtì rẹ̀ títí dé ìṣẹ́jú-àáyá ibi tí wọ́n dúró sí. Ọ̀nà "Document" kì í fọwọ́ kan fáìlì rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni Búlútúùtù àti fáìlì tí a so mọ́ ímeèlì máa ń ṣe lọ́pọ̀ ìgbà.

Ohun kan wà tí ó lè tan ènìyàn jẹ nínú irú àyẹ̀wò yìí. Láti Áńdíróìdì 10 lọ, áàpù tí a kò bá fún ní àṣẹ pàtàkì láti rí ibi tí a ti ya fọ́tò lè gba fọ́tò náà lọ́wọ́ fóònù láìsí àmì ibi nínú rẹ̀. Nítorí náà, fọ́tò kan lè gba ọ̀nà kan jáde ní mímọ́, kí ó gba ọ̀nà mìíràn jáde tòun ti ẹrù rẹ̀, lórí fóònù kan náà. Ẹ̀dà tí ó dé ọwọ́ ẹni tí ó gbà á ni kí a yẹ̀ wò, kì í ṣe èyí tí ó wà lọ́wọ́ wa.

Mo bi Àǹtí mi pé kí ló dé tí wọ́n fi ń gba ọ̀nà "Document". Wọ́n ní, "Ṣé o rò pé ó wù mí ni? Bí mo bá fi ránṣẹ́ lásán, ihò léèsì kì í hàn, òkúta ara rẹ̀ á sì dà bí ìdọ̀tí. Oníbàárà kan ni ó kọ́ mi. Òun náà ni ó kọ́ mi pé kí n yí kámẹ́rà sí 50." Ibí yìí ni okùn méjèèjì ti so pọ̀. Àwọn fọ́tò náà kò mọ́ tó nígbà tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, nítorí náà wọ́n gbé ìwọ̀n kámẹ́rà dé òkè pátápátá, fóònù sì kún; nígbà tí ìyẹn kò ran nǹkan nítorí pé Wọ́tsáàpù ń dín gbogbo rẹ̀ kù síbẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà "Document", àdírẹ́sì ilé sì bá fọ́tò lọ. Yíyọ àmì ibi nìkan kò ní tó, bí mi ò bá rí ọ̀nà tí ihò léèsì yóò fi hàn.

Kí n tó jẹun ọ̀sán, mo pa ẹnu orísun náà dé ná. Lórí fóònù wọn, inú ètò kámẹ́rà ni ó wà, a sì kọ "Location tags" sí i; lórí àwọn fóònù mìíràn, "Save location" ni. Mo pa á, mo sì tún lọ sínú ètò fóònù fúnra rẹ̀, níbi tí a ti ń fún áàpù láṣẹ, mo gba àṣẹ "Location" kúrò lọ́wọ́ kámẹ́rà. Ìdí tí mo fi ṣe méjèèjì ni pé bọ́tìnnì inú kámẹ́rà rọrùn láti tẹ̀ padà láìmọ̀, pàápàá nígbà tí kámẹ́rà bá jáde wá béèrè bóyá kí òun tàn án, tí ẹni tí ó ń kánjú sì tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà a jáde sí iwájú ilé, níbi tí GPS ti lágbára jù, a ya òdòdó ẹ̀bá ògiri, mo sì yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí ìlà kankan tí ó ní GPS nínú.

Ọjọ́ Àìkú

A fi ọ̀sán ọjọ́ Àìkú wá ìwọ̀n kámẹ́rà tí ó yẹ ọjà wọn. A tẹ́ léèsì aláwọ̀ ewé kan náà sórí àga kan náà, mo gbé fóònù lé orí ìtì ìwé kí ọwọ́ má bàa gbọ̀n, a sì yà á ní oríṣiríṣi ìwọ̀n.

Ní 50 mẹ́gápíkísẹ́lì, àwòrán náà jẹ́ píkísẹ́lì 8160 ní gígùn àti 6120 ní fífẹ̀, fáìlì rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́gábáìtì 15.2. Ní ìwọ̀n tí fóònù ń lò bí a kò bá fọwọ́ kàn án, tí a kọ 3:4 lásán sí, ó jẹ́ 4080 sí 3060, èyí tí í ṣe 12.5 mẹ́gápíkísẹ́lì, fáìlì rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́gábáìtì 3.6. A tún dán 9:16 wò. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé fífi èyí pa àyè mọ́ kì í ṣe ọgbọ́n: àwòrán kan náà ni, kámẹ́rà kàn gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dànù ni. Fún ẹni tí ó ń ta aṣọ, etí aṣọ tí oníbàárà fẹ́ rí ni yóò bá a lọ.

Àǹtí mi kò gbà pé 12.5 lè dára tó 50. Mo gbé àwòrán méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí kọ̀ǹpútà, mo sì fa ojú òdòdó kan lára léèsì náà tóbi. Ní òótọ́, èyí tí a yà ní 50 tóbi jù lójú, ṣùgbọ́n ihò léèsì kò hàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn àmì kéékèèké bí iyanrìn sì ti bo ibi tí ó ṣókùnkùn lára aṣọ. Ìdí rẹ̀ wà nínú bí a ṣe ṣe ojú kámẹ́rà náà. Ojú tí ń gba ìmọ́lẹ̀ kéré púpọ̀, a sì pín in sí ẹyọ mílíọ̀nù 50. Bí abọ́ kékeré bá wà lábẹ́ òjò tí kò lágbára, ẹ̀kán díẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gbà, ìyàtọ̀ ẹ̀kán kan tàbí méjì yóò sì mú kí abọ́ tí ó yẹ kí ó dọ́gba má dọ́gba mọ́. Nígbà tí a bá lo ìwọ̀n 12.5, kámẹ́rà a máa da omi abọ́ mẹ́rin-mẹ́rin pọ̀, ìyẹn ni pé ẹyọ mẹ́rin a di píkísẹ́lì kan, àìdọ́gba náà a sì rọlẹ̀. Nínú oòrùn gangan, 50 lè fi nǹkan díẹ̀ kún un. Nínú pálọ̀ tí kọ́tìnnì bo fèrèsé rẹ̀, mẹ́gábáìtì nìkan ni ó ń fi kún un.

Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń yọ wọ́n lẹ́nu, kì í ṣe píkísẹ́lì. A sún àga gígùn náà lọ sí ẹ̀bá fèrèsé, a ká kọ́tìnnì sókè, a pa gílóòbù àárín pálọ̀ nítorí pé ó ń fi àwọ̀ pupa ràkọ̀ràkọ̀ kún aṣọ funfun, mo sì ní kí wọ́n súnmọ́ ọn kí wọ́n ya fọ́tò méjì dípò ẹyọ kan: ọ̀kan fún odindi aṣọ, èkejì fún iṣẹ́ ọwọ́ tí ó wà lára rẹ̀ nìkan. Èyí ni ó yanjú ọ̀rọ̀ náà. Bí Wọ́tsáàpù bá tilẹ̀ dín fọ́tò kù, òdòdó léèsì kan tí ó kún ojú fọ́tò tán kò ní ibi tí yóò sọnù sí. Wọ́n fi méjèèjì ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú àmì HD, wọ́n gba fóònù mi wò, wọ́n fa á tóbi, wọ́n sì dákẹ́ díẹ̀. "Òkúta yẹn mà hàn," ni ohun tí wọ́n sọ.

Wọ́n ṣì béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ tẹ fọ́tò kan jáde sórí ìwé. Àwọn atẹ̀wé máa ń fẹ́ píkísẹ́lì 300 fún íńṣì kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò oní-íńṣì mẹ́rin sí mẹ́fà nílò 1200 sí 1800 péré, odindi ìwé A4 sì nílò 2480 sí 3508. Ìwọ̀n 12.5 tó fún méjèèjì, ó tilẹ̀ tún ṣẹ́kù. Bí wọ́n bá fẹ́ tẹ pátákó ńlá tí wọn yóò gbé kọ́ síta, ẹ jẹ́ kí a sọ ìyẹn nígbà tí ó bá ṣẹlẹ̀. A dá kámẹ́rà padà sí 3:4 lásán, a sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, alẹ́

Ó ku àwọn fọ́tò àtijọ́. Pípa "Location tags" kì í kan ohun tí a ti yà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yíyí ìwọ̀n padà kì í dín ohun tí ó ti wà lórí fóònù kù. Fọ́tò 2,140 ni ó wà nínú fódà kámẹ́rà, wọ́n sì gba bíi gígábáìtì 31 lára 64 tí fóònù náà ní. Mo kó gbogbo rẹ̀ sí orí háàdì dírááfù láìyí ohunkóhun padà, mo ṣí bíi ogún nínú wọn láti rí i pé wọ́n dé láyọ̀, lẹ́yìn náà ni mo tó fọwọ́ kan nǹkan. Àǹtí mi jókòó tì mí, a sì pín wọn sí méjì: fọ́tò ọjà 1,600, àti fọ́tò ẹbí 540, èyí tí ó jẹ́ ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti ọjọ́ ìbí. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan ti ẹbí, pé àwọn fẹ́ máa rántí ibi tí a ti yà wọ́n. Mo gbà fún wọn. Fọ́tò tí kò kúrò nílé kò ní ohun tí yóò tú síta. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ fi ọ̀kan ránṣẹ́ ni kí wọ́n rántí pé bí fọ́tò ni kí ó lọ, kì í ṣe bí "Document".

Lórí ẹ̀dà fọ́tò ọjà, mo kọ́kọ́ ka iye tí ó ní àmì ibi:

```
exiftool -r -if '$GPSLatitude' -p '$FileName' . | wc -l
```

Èsì rẹ̀ jẹ́ 1412. Lẹ́yìn náà, mo fi mogrify, irinṣẹ́ kan láti inú ImageMagick, dín àwòrán náà kù, kí ẹ̀gbẹ́ tí ó gùn jù má ju píkísẹ́lì 2560 lọ, nítorí pé ọjà tí a ti tà tán ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n kàn ń pa wọ́n mọ́ kí oníbàárà lè tọ́ka sí irú èyí tí ó fẹ́ ni:

```
mogrify -auto-orient -resize '2560x2560>' -quality 85 *.jpg
```

Gígábáìtì 23 ó lé díẹ̀ di 2.4. Mo tún ka àmì ibi, èsì náà ṣì jẹ́ 1412. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn pé bí a bá ti dín fọ́tò kù, àmì ibi rẹ̀ ti lọ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Irinṣẹ́ tí ó dín in kù ni ó máa ń pinnu. Wọ́tsáàpù a máa da àkọsílẹ̀ náà nù, mogrify a sì máa gbé e láti inú fáìlì ńlá bọ́ sínú fáìlì kékeré láìdín ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kù.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe ni ó kàn. Mo ní kí exiftool yọ gbogbo ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gps kúrò:

```
exiftool -r "-gps*=" .
```

Mo ka àmì ibi, èsì di 0, inú mi sì dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ìwọ̀n fódà náà, gígábáìtì 4.5 ni mo bá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí mo fi sílẹ̀. Bí a kò bá sọ fún exiftool pé kí ó kọ ọ́ lé ti àtijọ́, ó máa ń tọ́jú ẹ̀dà fáìlì kọ̀ọ̀kan tí ó bá yí padà, tí yóò sì so `_original` mọ́ ìparí orúkọ rẹ̀. Ìṣọ́ra ni, kí ènìyàn má bàa ba nǹkan jẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀dà náà ṣì gbé àmì ibi wọn dání pátápátá. Èyí tí ó tún burú ni pé àṣẹ tí mo fi ka iye wọn kò rí wọn, nítorí pé nígbà tí exiftool bá ń rìn nínú fódà, kì í ṣí fáìlì tí ìparí orúkọ rẹ̀ jẹ́ `.jpg_original`. Ó sọ 0 fún mi, fọ́tò 1412 sì jókòó tì í tí wọ́n mọ ọ̀nà ilé. Bí mo bá ti dá fódà náà padà sórí fóònù bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ òru náà ì bá ti wọmi. Mo pa wọ́n rẹ́:

```
exiftool -delete_original! -r .
```

Ẹni tí ó bá ti ní ẹ̀dà níbòmíràn, bí mo ṣe ní, lè fi `-overwrite_original` kún àṣẹ ìṣáájú, kí ó má tilẹ̀ dá wọn sílẹ̀ rárá.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí n kò fi yọ gbogbo EXIF kúrò pẹ̀lú `-all=`, kí n sì lọ sùn. Mo dán an wò lórí fọ́tò mẹ́wàá kan láti inú àwọn tí kò tíì gba abẹ́ mogrify kọjá, mẹ́rin nínú wọn sì dùbúlẹ̀ gbalaja. Nígbà tí a bá gbé fóònù dúró ya fọ́tò, ọ̀pọ̀ fóònù kì í yí àwòrán fúnra rẹ̀. Wọ́n a kàn kọ ọ́ sínú EXIF pé kí ẹni tí yóò fi í hàn yí i sí ẹ̀gbẹ́ báyìí. Bí a bá da ìlà yẹn nù, gèlé yóò dùbúlẹ̀. Bákan náà, ọjọ́ tí a ya fọ́tò yóò lọ, ọjọ́ ni Àǹtí mi sì fi ń wá ọjà: "èyí tí mo rà ṣáájú Iléyá." Ohun tí ó ń tú ilé síta nìkan ni mo yọ, mo fi ìyókù sílẹ̀.

Kí n tó pa kọ̀ǹpútà, mo yẹ fọ́tò kan wò tòkè-tilẹ̀, mo sì da fódà náà padà sórí fóònù. Àpapọ̀ fọ́tò ọjà àti ti ẹbí jẹ́ bíi gígábáìtì 10. Ìkìlọ̀ àyè kò jáde mọ́.

Àwọn tí ó ti jáde láti ọ̀nà "Document" ṣáájú kò ṣe é gbà padà. Wọ́tsáàpù ń jẹ́ kí a pa ohun tí a fi ránṣẹ́ rẹ́ fún gbogbo ènìyàn láàárín àkókò díẹ̀, ṣùgbọ́n àkókò náà ti kọjá fún èyí tí ó pọ̀ jù, ẹni tí ó bá sì ti tọ́jú ẹ̀dà sí ibòmíràn ti tọ́jú rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí Àǹtí mi ṣe sí èyí ni pé wọ́n ní kí wẹ́dà wá fi ihò yíyọjú sára géètì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kejì

Mo padà lọ wò ó. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, fọ́tò 64 ni wọ́n ti yà, wọ́n sì gba mẹ́gábáìtì 230; bí ó bá jẹ́ ti 50 ni, ìbá ti sún mọ́ gígábáìtì kan. Mo ka àmì ibi, mo ń retí 0, mo bá 1. Mo bá orúkọ fáìlì náà lọ, mo rí i pé kì í tilẹ̀ ṣe fóònù Àǹtí mi ni ó yà á. Ọmọ wọn tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ni ó bá wọn ya aṣọ òkè kan nígbà tí bátìrì wọn ti kú, tí ó sì fi Búlútúùtù fi í ránṣẹ́ sí fóònù wọn. Mo yọ àmì náà kúrò, mo gba fóònù ọmọ náà, mo sì pa ti tirẹ̀ pẹ̀lú.

Nígbà tí mo ń wo fọ́tò 64 náà lọ́kọ̀ọ̀kan ni mo tún rí ohun mìíràn tí exiftool kò lè rí. Láti ìgbà tí a ti sún àga sí ẹ̀bá fèrèsé, ìta ti ń wọ inú fọ́tò. Nínú mẹ́sàn-án, òpó iná ìta hàn pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sí i lára, nínú ọ̀kan sì ni pátákó ilé ẹ̀kọ́ tí ó wà ní ìkángun àdúgbò ti hàn gbangba, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ni mo sì lè kà. Mo fi han Àǹtí mi. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Háà, èmi fúnra mi ni mo wá ń júwe ilé báyìí." Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n mú aṣọ òwú funfun tí ó tín-ín-rín jáde, wọ́n fi pín-ìn-nì mú un mọ́ fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ ṣì ń wọlé, ó tilẹ̀ rọ̀ sí i lára aṣọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìta kò sì hàn mọ́. A tún mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yà, a sì pa ti ìṣáájú rẹ́.